Ìpíndọ́gba máàkì pẹ̀lú SUMPRODUCT nígbà tí yúníìtì wà ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Èmi ni mo ń kó èsì ìdánwò jọ ní ẹ̀ka wa. Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní òpó A láti ìlà kẹta, máàkì kọ́ọ̀sì mẹ́rin wà ní B sí E, yúníìtì kọ̀ọ̀kan sì wà ní ìlà kejì. Mo lo SUMPRODUCT, ti ẹni àkọ́kọ́ tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí mo ti fà á wálẹ̀, ti àwọn yòókù kò bá ohun tí mo fi ọwọ́ ṣírò mu. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ìlà yúníìtì ni ó ń bá fọ́múlà yín sọ̀ kalẹ̀. Ẹ pa èyí tí ó wà ní F3 rẹ́, kí ẹ tẹ èyí sí ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fà á wálẹ̀:

```
=SUMPRODUCT($B$2:$E$2,B3:E3)/SUM($B$2:$E$2)
```

Àmì dọ́là ni ó ń sọ fún Excel pé ibikíbi tí fọ́múlà náà bá dé, ìlà kejì ni kí ó ti máa mú yúníìtì. A kò fi dọ́là sí B3:E3, nítorí pé òun ni a fẹ́ kí ó yí padà, kí ó di B4:E4 fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tẹ̀ lé e, kí ó sì di B5:E5 fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ kò ní láti máa tẹ dọ́là náà níkọ̀ọ̀kan: bí ẹ bá ti fi máúsì yan B2:E2 tán nínú fọ́múlà, ẹ tẹ F4 lórí kíbọọ̀dù, gbogbo dọ́là náà yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì wò ó. Ká ní yúníìtì kọ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 4, 3, 2 àti 1, tí ẹni tí ó wà ní ìlà kẹta sì gba 45, 52, 70 àti 81. SUMPRODUCT yóò ṣe 45 lọ́nà 4, 52 lọ́nà 3, 70 lọ́nà 2 àti 81 lọ́nà 1, yóò sì ro ohun tí ó bá rí pọ̀, ìyẹn 180, 156, 140 àti 81, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 557. Àròpọ̀ yúníìtì jẹ́ 10, nítorí náà 55.7 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Ká ní AVERAGE ni ẹ lò, 62 ni ìbá fún yín, nítorí pé kọ́ọ̀sì oníyúníìtì kan tí ọmọ náà ti gba 81 yóò dúró ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì mẹ́rin tí ó ti gba 45 péré. Níbi tí B bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ní 60, ìyàtọ̀ yẹn ti gbé ọmọ tí ó wà ní C lọ sí ibi tí kò dé.

Ká wá ní ẹni tí ó wà ní ìlà kẹrin gba 66, 58, 50 àti 40. Iye tí ó tọ́ sí i jẹ́ 578 tí a fi 10 pín, ìyẹn 57.8. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí dọ́là, fọ́múlà F4 yóò lọ mú B3:E3 ní yúníìtì, ìyẹn ni pé 45, 52, 70 àti 81 tí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ gbà ni yóò fi ṣe ìwọ̀n fún máàkì ti ẹnì kejì, yóò sì mú 51.31 jáde. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé 51.31 jọ máàkì ènìyàn dáadáa, Excel kò sì ní pariwo rárá. Ká ní ẹ fi ìlà òfìfo kan sí àárín yúníìtì àti orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ni, #DIV/0! ni ẹ̀ bá rí fún ẹnì kejì, ẹ̀ bá sì ti tètè mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibì kan tún wà tí yóò dà yín láàmú kí sáà tó parí, ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ kò pé. Bí a bá kọ ABS sínú àpótí, tàbí tí a fi í sílẹ̀ lófìfo, SUMPRODUCT yóò kà á sí òdo, ṣùgbọ́n yúníìtì kọ́ọ̀sì náà yóò ṣì wà nínú SUM tí a fi ń pín. Ẹni tí ó gba 70, 64 àti 58, tí D5 rẹ̀ sì ṣófo, yóò ní 530 tí a fi 10 pín, ìyẹn 53. Bí ó bá jẹ́ pé ó sá ìdánwò ni, ìyẹn tọ́ sí i. Bí ó bá gba àṣẹ nítorí àìsàn, tí yóò sì padà wá ṣe é, yúníìtì 8 tí ó ti ṣe ni ó yẹ kí a fi pín, yóò sì di 66.25. Fọ́múlà tí ó ń ṣe èyí nìyí fún ìlà karùn-ún:

```
=SUMPRODUCT($B$2:$E$2,B5:E5)/SUMPRODUCT($B$2:$E$2,--ISNUMBER(B5:E5))
```

ISNUMBER ń wo àpótí kọ̀ọ̀kan bóyá nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, àmì ìyọkúrò méjì náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ di 1 àti 0, kí ó lè ṣeé sọ di púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, ìlànà yín ni pé ẹni tí ó sá ìdánwò, kí ẹ tẹ 0 fún un. Ẹni tí ó gba àṣẹ, kí ẹ fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Èmi kì í lo fọ́múlà kejì yìí fún gbogbo kíláàsì, nítorí pé ó máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Máàkì tí a dà kọ láti ibòmíràn lè wọlé bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ ó rí i tí ó lẹ̀ mọ́ apá òsì àpótí dípò apá ọ̀tún. Fọ́múlà àkọ́kọ́ yóò kà á sí òdo, iye náà yóò já wálẹ̀, ojú yín yóò sì tó o. Fọ́múlà kejì yóò yọ ọ́ kúrò pátápátá bí ẹni pé ọmọ náà kò jókòó ṣe kọ́ọ̀sì yẹn rárá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ `=COUNT(B3:E3)` sí òpó G, kí ẹ fà á wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí tirẹ̀ kò bá pé 4, ẹ yẹ máàkì rẹ̀ wò. Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀, ẹ yan àpótí náà, ẹ tẹ àmì ìkìlọ̀ tí ó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ mú Convert to Number.

Ìlà yúníìtì àti ìlà máàkì gbọ́dọ̀ gùn bákan náà, kí àwọn méjèèjì sì nà sí ìbú. Bí ọ̀kan bá jẹ́ àpótí mẹ́rin tí èkejì jẹ́ márùn-ún, tàbí tí yúníìtì dúró lóròó, #VALUE! ni ẹ ó rí. Àwọn ará wa ní Kútọnu àti Pọ́tónófò tí Excel wọn jẹ́ ti èdè Faransé yóò tẹ SOMMEPROD àti SOMME, wọn yóò sì fi `;` sí ibi tí a fi `,` sí.

Kí ẹ tó fi èsì ránṣẹ́, ẹ lọ sí orúkọ tí ó kẹ́yìn pátápátá lórí ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ tẹ 100 sí kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ rẹ̀ àti 0 sí mẹ́ta yòókù. Nítorí pé yúníìtì kọ́ọ̀sì yẹn jẹ́ 4 nínú 10, 40 gan-an ni ó gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ má ṣe fi máàkì kan náà dán gbogbo kọ́ọ̀sì wò, bíi 60 ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé 60 ni yóò jáde yálà yúníìtì tí ó tọ́ ni fọ́múlà mú tàbí máàkì ẹlòmíràn.