Hẹ́párìn àbí Wọ́fárìn: Bí A Ṣe Ń Mọ Àyẹ̀wò àti Aporó Tó Bá Oògùn Mu

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mò ń múra ìdánwò ìmọ̀ oògùn. Mo ti há àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sórí pẹ̀lú aporó wọn, àmọ́ bí ìbéèrè bá ti gùn díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó yẹ kí n mú?

Ìdáhùn: Ibi tí oògùn ti ń ṣiṣẹ́ ni kó o kọ́kọ́ wá. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò rẹ̀ àti aporó rẹ̀ ti ń jáde.

Inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni hẹ́párìn ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń so mọ́ antitirọ́ńbìn, èròjà ara tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàdédé dì, á wá fún un lágbára láti dá tirọ́ńbìn àti fákítọ̀ Xa, àwọn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, dúró. Bí wọ́n bá gún un sójú iṣan, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. aPTT, àyẹ̀wò tó ń wo bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì, ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó jẹ́ ìlọ́po 1.5 sí 2.5 iye ti ẹni tí kò lo oògùn. Prótámìn ni aporó rẹ̀, torí pé iná inú hẹ́párìn jẹ́ òdì (−), ti prótámìn jẹ́ (+), wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, hẹ́párìn ò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mílígíráàmù 1 prótámìn ló ń pa nǹkan bí yúníìtì 100 hẹ́párìn.

Ibi ìṣirò yìí ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bí aláìsàn bá ti ń gba yúníìtì 1,000 ní wákàtí kan fún wákàtí 10, má fi 10,000 ṣe ìṣirò. Láàárín wákàtí kan sí kan àbọ̀ ni ìdajì hẹ́párìn ti ń kúrò lára, nítorí náà wákàtí 2 sí 3 tó kẹ́yìn nìkan lo máa kà: mílígíráàmù 20 sí 30. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, kò sì gbọ́dọ̀ ju 50 lọ lẹ́ẹ̀kan, torí bí wọ́n bá yára tì í sínú iṣan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀.

Inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́fárìn ní tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Kì í jẹ́ kí fítámì K padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí ẹ̀dọ̀ bá ti lò ó, nítorí náà fákítọ̀ II, VII, IX àti X tuntun ò ní pé. Àwọn tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi tán. VII ló ń kọ́kọ́ tán, láàárín wákàtí mélòó kan, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé PT àti INR, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọ́fárìn, ló ń kọ́kọ́ gòkè. Àmọ́ II máa ń pẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ kó tó dínkù dé ìdajì. INR tó gòkè lọ́jọ́ kejì kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀ ti ní ààbò; wọ́n á ṣì fi hẹ́párìn tì í lẹ́yìn fún ọjọ́ 5, ó kéré tán.

Wo ìbéèrè yìí: obìnrin ẹni ọdún 58 tó ní fáàfù onírin nínú ọkàn ń lo wọ́fárìn. Wọ́n fún un ní metironidásólù, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ gan-an. Ẹ̀rọ CT fi ẹ̀jẹ̀ hàn nínú ọpọlọ rẹ̀; INR jẹ́ 7.8. Metironidásólù ni kò jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tú wọ́fárìn ká bó ṣe yẹ. Dá wọ́fárìn dúró. Ọ̀pọ̀ á mú fítámì K nìkan, kò sì tó, torí ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe fákítọ̀ tuntun, ìyẹn sì ń gba wákàtí púpọ̀. Ohun tó nílò nísinsìnyí ni fákítọ̀ tó ti pé: PCC, pẹ̀lú fítámì K mílígíráàmù 10 tí wọ́n rọra fún un sójú iṣan kí INR má bàa tún gòkè lẹ́yìn náà. Bí ìbéèrè ò bá fi PCC sí ara ìdáhùn, pílásímà ló kàn. Prótámìn ò kàn án rárá. Bó bá jẹ́ pé INR 7.8 náà ni, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì ya níbì kankan, dídá oògùn dúró àti títún àyẹ̀wò ṣe ni wọ́n sábà ń fẹ́.

Ẹ̀nọ́sápárìn jẹ́ irú hẹ́párìn tí wọ́n gé kúrú, kò lè di tirọ́ńbìn mú dáadáa, fákítọ̀ Xa ló ń bá jà jù. Nítorí náà, má fi aPTT ṣọ́ ọ. Àyẹ̀wò anti-Xa ni, prótámìn ò sì lè pa á tán. Òun ni wọ́n ń yàn fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, torí wọ́fárìn máa ń kọjá sára ọmọ inú. Bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ gan-an, padà sórí hẹ́párìn.

Dabigátírán, tó ń mú tirọ́ńbìn fúnra rẹ̀, idarusísúmábù ni aporó rẹ̀. Rífárókísábánì àti àpísábánì ń mú Xa. Àńdẹsánẹ́ẹ̀tì ni ìdánwò ń wá fún wọn.

Bí ìbéèrè bá sọ pé pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì, àwọn ègé inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì, já sí ìdajì láàárín ọjọ́ 5 sí 10 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ hẹ́párìn, aporó kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Àrùn tí hẹ́párìn fà ni, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dì sí i dípò kó máa ya. Dá gbogbo hẹ́párìn dúró, ẹ̀nọ́sápárìn náà wà níbẹ̀, kó o sì yan agátírọ́bánì, tí wọ́n ń fi aPTT ṣọ́. Má yan wọ́fárìn nígbà tí pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì ò tíì gòkè padà.