Ojú ti là, ara ò tíì jí

Ẹnì kan bi mí pé: "Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá kírun Àsùbáà tán tí mo tún padà sùn, nǹkan máa ń tẹ̀ mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú mi á là, àmọ́ mi ò ní lè mira, mi ò ní lè pariwo. Màmá mi ní ogun òru ni, pé kí n máa jí gbàdúrà ní aago méjì òru. Kí ni kí n ṣe?"

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ń ṣe lóru ní Òṣogbo níbí, ọ̀sán ni mo máa ń sùn, nǹkan yìí sì fojú mi rí màbo. Màá máa gbọ́ báwọn ọmọ ilé ṣe ń fa omi nínú kànga, màá máa wo fáànù tó ń yí lókè, ọwọ́ mi ò sì ní gbéra. Àyà mi á wúwo. Nígbà míì, òjìji kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní pẹ́ tó fi máa tú, òógùn á ti bò mí.

Tá a bá wọnú oorun tí àlá ti ń pọ̀, ọpọlọ máa ń de iṣan ara, ká má baà dìde máa ja ìjà ojú àlá. Kì í de ojú, kì í sì í de iṣan tá a fi ń mí. Ojú lè là kí ìdè yẹn tó tú, nígbà tí àlá ò tíì tán, ìyẹn lẹ ṣe ń rí òjìji nínú yàrá yín gangan. Èémí ń lọ o. Bẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ mí kanlẹ̀ ni kò ní gbà, lẹ̀rù á bá dé.

Ìdájí ni oorun àlá pọ̀ jù. Ẹni tí kò sùn tó, tó wá padà sùn lẹ́yìn Àsùbáà, àárín rẹ̀ ló máa já sí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ jíjí aago méjì. Mi ò bá àdúrà jà, àmọ́ oorun tẹ́ ẹ bá gé kúrò lóru ló ń bọ́ nǹkan yìí. Ẹ gbàdúrà kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ tètè sùn, kí oorun ti tó kí wọ́n tó pe ìrun, kẹ́ ẹ má sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Fífẹ̀yìn lélẹ̀ sùn náà ń fà á. Mo rán bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì mi. Tí mo bá ti yíra padà, á gún mi, màá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àmọ́ ó ti dín kù gan-an.

Tó bá mú yín, ẹ má jàjàdù láti dìde. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tàbí ahọ́n ni kẹ́ ẹ gbìyànjú láti mì. Tẹ́nì kan bá wà nítòsí, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó fọwọ́ kàn yín. Tó bá tú, ẹ dìde jókòó díẹ̀, torí ẹni tó bá sùn padà lójú ẹsẹ̀, ó lè tún mú un.

Àmọ́ tí oorun bá ń gbé yín lọ lọ́sàn-án láìròtẹ́lẹ̀, tí orúnkún yín ń yẹ̀ tẹ́ ẹ bá rẹ́rìn-ín, tàbí tí wọ́n ní ẹ máa ń hanrun tí èémí yín á sì dá dúró, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má sì gun ọ̀kadà títí wọ́n á fi yẹ̀ yín wò.