«Está» àbí «esté»: ibi tí «pé» ti ń ṣì wá lọ́nà

«Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́. Nínú iṣẹ́ àmúrelé Sípáníìṣì mi, mo kọ “Creo que mi hermana está en casa”, ìyẹn mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé, wọ́n gbà á wọlé. Ní ìlà kejì, mo kọ “Me alegro de que mi hermana está en casa”, ìyẹn inú mi dùn pé ó wà nílé, wọ́n fàlà sí i, wọ́n ní “esté” ni. Ṣebí òótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé?»

Àbúrò mi, òótọ́ tí o gbára lé yẹn gan-an ni ó ṣì ọ́ lọ́nà, èmi náà sì ti jìyà rẹ̀ rí. Olùkọ́ tí ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní èdè Sípáníìṣì níhìn-ín ní Abẹ́òkúta sọ fún wa pé ohun tí ó bá dájú, ìndíkàtíbò, ìyẹn ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe bíi «está», ni kí á fi kọ ọ́, èyí tí kò bá dájú, sùbúhùntíbò, bíi «esté». Mo kọ ọ́ sí iwájú ìwé mi, mo há a sórí, mo sì gbé e wọ yàrá ìdánwò. Nínú àlàfo 20 tí wọ́n ní kí á dí, 11 péré ni mo gbà. Nígbà tí mo lọ bẹ àwọn tí ó ṣètò ìdánwò náà pé kí wọ́n ṣàlàyé àṣìṣe mi fún mi, ẹni tí mo bá lórí tábìlì yẹ ìwé náà wò ní ojú kan, ó dá a padà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òfin rẹ̀ wí, kí n lọ tún un kà. Ó ṣì ń dùn mí di òní, nítorí òfin tí wọ́n fún mi ni mo tẹ̀ lé, òfin náà ni kò pé.

Láti ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Ìtòkú ni mo gbà lọ. Mo tẹ́ ìwé náà sórí ìdì àdìrẹ, mo sì ń túmọ̀ àwọn gbólóhùn náà sí Yorùbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì àtàǹpàkò mi tí aró ti kùn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn keje títí di báyìí. Nígbà tí mo parí rẹ̀ ni mo rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: nínú àwọn àlàfo tí ó ń fẹ́ sùbúhùntíbò, gbogbo èyí tí mo gbà ni Yorùbá ti ń lo «kí», gbogbo èyí tí mo sì kùnà ni Yorùbá ti ń lo «pé».

Wo ti ìfẹ́ ná. «Quiero que vengas» ni mo fẹ́ kí o wá, «Quiero venir» ni mo fẹ́ wá. Bí ẹni tí ó ń fẹ́ àti ẹni tí yóò wá bá jẹ́ ẹnì kan náà, àwa kì í lo «kí», àwọn náà kì í lo «que». Kódà «Mi madre dice que viene» àti «Mi madre dice que vengas», tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, kò yẹ kí ó da ọmọ Yorùbá láàmú rárá: ìyá mi ní òun ń bọ̀, ìyá mi ní kí o wá. Èyí tí ó lè tàn ọ́ níbẹ̀ ni «espero que», nítorí a máa ń sọ pé «mo ní ìrètí pé yóò wá», ọwọ́ rẹ yóò sì fẹ́ kọ «vendrá». «Espero que venga» ni ìdánwò ń wá.

Ti ìmọ̀lára ni mo ti jìyà jù. Àwa a máa sọ pé «inú mi dùn pé ó wà nílé», «ó dùn mí pé o ń lọ», «ó yà mí lẹ́nu pé kò mọ̀ ọ́n». «Pé» ni gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú «mo rò pé ó wà nílé», nítorí náà etí wa kì í gbọ́ ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Sípáníìṣì yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í sì í ṣe òótọ́ tàbí irọ́ ni ó fi yà wọ́n. Ohun tí ó yẹ kí o bi ara rẹ ni ìròyìn tí gbólóhùn náà gbé wá fún ẹni tí ń gbọ́ ọ. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn yín ní Ìbarà, tí ó ń béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ, tí o sì dáhùn pé «Creo que está en casa», wíwà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà nílé ni ìròyìn tí o fún un. «Creo» kàn ń sọ bí ó ti dá ọ lójú tó ni. Ṣùgbọ́n bí ìwọ àti bàbá rẹ bá jókòó sí pálọ̀, tí ẹ jọ ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ láti ilé ìdáná, tí o wá ní «Me alegro de que esté en casa», o kò fi wíwà rẹ̀ nílé tó bàbá létí, nítorí ẹ̀yin méjèèjì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ayọ̀ rẹ ni o ń kéde. Ohun tí ó tẹ̀lé «que» kàn jẹ́ ohun tí ayọ̀ náà dá lé ni, ohun tí a kò bá sì kéde, sùbúhùntíbò ni Sípáníìṣì fi ń kọ ọ́, bí ẹ̀gbọ́n rẹ tilẹ̀ dúró síwájú rẹ.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ pé òfin ìdánilójú yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wo «supongo que» àti «sospecho que». Ẹni tí ó ń fura, ọ̀rọ̀ kò tí ì dá a lójú, síbẹ̀ «Sospecho que está en casa» ni à ń kọ, nítorí ó ń kéde ohun tí ó rò, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Ojú kan náà ni kí o fi wo iyèméjì. «No creo que esté en casa» àti «Dudo que esté en casa»: ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kọ̀ láti kéde pé ó wà nílé. «Pé» ni Yorùbá tún lò níbẹ̀, «n kò gbà pé ó wà nílé», nítorí náà ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n «No sé si está en casa» kì í yí padà, àìmọ̀ náà ìbáà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí «si» ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe «que». Ní ti «no dudo que», a máa ń rí méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ bá lò ni kí o lò.

Bí a ti ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni o ti mọ̀, «hablo» a di «hable», «como» a di «coma», n kò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Ṣùgbọ́n má gbàgbé àmì orí «esté», nítorí «este» láìsí àmì túmọ̀ sí «èyí». Ìwọ tí o mọ̀ pé ọkọ àti ọkọ́ kì í ṣe ọ̀kan, kò yẹ kí o pàdánù máàkì síbẹ̀. Èmi pàdánù ọ̀kan.

Mo tún kìlọ̀ fún ọ nípa «siento que», nítorí ojú méjì ni ó ní. «Siento que me escucha» ni pé mo rí i lára pé ó ń gbọ́ mi, mo sì ń kéde rẹ̀. «Siento que no me escuche» ni pé ó dùn mí pé kò gbọ́ mi. Ka gbólóhùn náà tán kí o tó fọwọ́ kan àlàfo rẹ̀. Bí o bá sì gbọ́ ìndíkàtíbò lẹ́yìn «me alegro de que» lẹ́nu àwọn ará apá kan Látìn Amẹ́ríkà, wọn kò ṣìwí o, ṣùgbọ́n má ṣe gbé e wọnú ìdánwò, nítorí ẹni tí ń máàkì kò ní gbọ́ àlàyé rẹ.

Ní ìlà kejì rẹ yẹn, bí ó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ni o wà nílé, «Me alegro de estar en casa» ni ì bá jẹ́, láìsí «que» rárá. Bí ó bá sì jẹ́ pé àná ni inú rẹ dùn, «Me alegré de que mi hermana estuviera en casa» ni wàá kọ.