Kí ló wà nínú kúkì tí àwọn ìkànnì ń ní kí a gbà?

Ìbéèrè: Gbogbo ìkànnì tí mo bá ṣí ni ó máa ń sọ pé àwọn ń lo kúkì, wọ́n á sì ní kí n gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú kúkì yìí? Ṣé ọ̀rọ̀ aṣínà mi àti àwọn ohun tí mo ń kà ni wọ́n ń kó síbẹ̀? Tí mo bá sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ṣé wọ́n ti gbàgbé mi nìyẹn?

Ìdáhùn: Ohun tí ó sábà máa ń wà nínú kúkì kò ju nọ́ńbà gígùn kan lọ, nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ lójú ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ó fún yín. Àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ń kà lè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fún yín ní nọ́ńbà ni ó ń wà, kì í ṣe inú kúkì. Bí àrokò ni ọ̀rọ̀ náà rí: ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ìdí tí nọ́ńbà yìí fi wà ni pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì kan ń gbé lórí rẹ̀, kì í rántí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn. Bí ẹ bá ti ojú-ìwé kan bọ́ sí òmíràn, àlejò tuntun ni ẹ jẹ́ lójú rẹ̀. Ní ọdún 1994, Lou Montulli, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape nígbà náà, wá ọ̀nà tí bráúsà, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, yóò fi máa gbé àmì kékeré kan lọ fún sáfà ní gbogbo ìgbà tí ó bá padà lọ, kí sáfà lè mọ̀ pé ẹni àná ni. Kúkì ni àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun náà sì mú orúkọ yẹn lò. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ohun jíjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan fínnífínní. Ẹ ti kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín sórí ìkànnì ibi tí ẹ ti ń ka lẹ́tà yín, sáfà sì ti rí i pé ó tọ̀nà. Ìlà tí yóò fi ránṣẹ́ sí bráúsà yín lè rí báyìí:

```
Set-Cookie: sid=7f3a91c2; Max-Age=1209600; Secure; HttpOnly
```

Nọ́ńbà yín ni 7f3a91c2; ní òótọ́, ó máa ń gùn ju báyìí lọ kí ẹnikẹ́ni má baà lè méfò rẹ̀. `Max-Age` ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí kúkì náà yóò fi wà, èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ 14 níhìn-ín. `Secure` ní kí bráúsà má ṣe gbé e gba ojú ọ̀nà tí a kò fi àdììtú dáàbò bò, `HttpOnly` sì ní kí ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ojú-ìwé má ṣe lè kà á. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí bráúsà yín yóò máa dá padà kò ju èyí lọ:

```
Cookie: sid=7f3a91c2
```

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ aṣínà kò sí níbẹ̀. Àwọn kúkì kan wà tí wọ́n ń tọ́jú ohun tí ènìyàn lè kà, bí èdè tí ẹ yàn, ṣùgbọ́n àyè inú wọn kò tó nǹkan: nǹkan bíi báìtì 4,096 ni bráúsà ń gbà fún kúkì kan, kò sì tó ojú-ìwé méjì ìwé títẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fojú kékeré wo nọ́ńbà yẹn. Ẹni tí ó bá rí i dà kọ lè wọlé bí ẹni pé ẹ̀yin ni, láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín rárá. Mo ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ mi tí ẹnì kan ti bráúsà pa lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, tí ó sì gbà pé òun ti jáde. Ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ṣí ìkànnì kan náà, lẹ́tà ẹlẹ́tà ni ó bá níbẹ̀. Ọjọ́ 14 kò tíì pé, kúkì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń jáde nínú ìkànnì fúnra rẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni sáfà tí a ṣe dáadáa yóò fagi lé nọ́ńbà náà.

Kúkì irú èyí kọ́ ni ìkéde tí ẹ ń rí ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Òfin Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2009, ló sọ ìkéde náà di ohun tí a ń rí káàkiri, ó sì yọ kúkì tí iṣẹ́ tí ẹ béèrè fún kò lè ṣe láìsí sílẹ̀. Èyí tí ó nílò ìyọ̀ǹda yín ní pàtàkì ni ti àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n wà nínú ojú-ìwé náà.

Ká ní ẹ ṣí ìkànnì tí ń ta bàtà ní aago mẹ́sàn-án. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan ní àwòrán nínú ojú-ìwé náà. Bí bráúsà yín ṣe lọ mú àwòrán yẹn wá, ilé-iṣẹ́ náà fún yín ní nọ́ńbà 58210. Ní aago mẹ́wàá, ẹ lọ ka ọ̀rọ̀ nípa àìsàn àtọ̀gbẹ lórí ìkànnì mìíràn tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń polówó níbẹ̀. Bráúsà tún gbé 58210 lọ, wọ́n sì lè mọ ìkànnì tí ó ti wá. Nínú ìwé wọn, 58210 ti wo bàtà, ó sì ti ka nípa àtọ̀gbẹ. Kúkì yín kò fi ẹyọ lẹ́tà kan pọ̀ sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá pa kúkì rẹ́, okùn tí ó so yín mọ́ 58210 já, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kò parẹ́. Bí ẹ bá sì tún wọlé pẹ̀lú orúkọ yín sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ yín, wọ́n lè so ó padà. Píparẹ́ yìí yóò tún mú kí ìkéde náà padà wá, nítorí inú kúkì ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí pé ẹ ti kọ̀.

Ní tèmi, kíkọ̀ ló dára jù, bí ẹ bá rí «Reject all» tàbí «Only necessary». Ìkànnì náà yóò máa ṣiṣẹ́, ìpolówó pàápàá yóò ṣì máa jáde, àmọ́ kò yẹ kí ó tún tẹ̀lé ohun tí ẹ wò níbòmíràn. Safari, bráúsà ilé-iṣẹ́ Apple, ti ń dènà kúkì ẹlòmíràn fúnra rẹ̀ láti ọdún 2020. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí wọn nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ yan `Application`, kí ẹ ṣí `Cookies`. Ẹ wo òpó `Domain`: orúkọ tí ó bá yàtọ̀ pátápátá sí ti ìkànnì tí ẹ wà lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti àlejò tí ẹ kò pè.