Kò wojú mi, àmọ́ ó ń sún mọ́ mi: ṣé ó gba tèmi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ọmọbìnrin kan jọ lọ sí déètì àkọ́kọ́ wa ní Ìkẹjà, níbi kan tí wọ́n ti ń jẹun tí orin sì wà. Kò fi bẹ́ẹ̀ wojú mi, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ síwájú tí mo bá ń sọ̀rọ̀, tí mo bá sì gbé kọ́ọ̀pù, òun náà á gbé tiẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní obìnrin tí kò bá wojú èèyàn, kò gba tẹni yẹn nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ti yára jù. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ lọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n ti ń bá wí láti kékeré pé kò gbọdọ̀ máa tẹjú mọ́ ọkùnrin, pàápàá tí ọkùnrin yẹn bá jù ú lọ, ìyẹn ò sì lè fò lọ lára ẹ̀ torí pé ẹ jọ jókòó síbi oúnjẹ. Ohun tí mo máa ń bi àwọn tó ń wá bá mi nípa irú ẹ̀ ni pé báwo ló ṣe wo wétà? Tó bá jẹ́ pé ó wo wétà lójú dáadáa, tó bá wétà rẹ́rìn-ín, àmọ́ tójú ẹ̀ ń sá tó bá kàn ẹ́, ìyẹn ní ìtumọ̀, bóyá ìtìjú ni, bóyá ara ẹ̀ ò balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe wo gbogbo èèyàn nìyẹn, ìwà ẹ̀ ni. Tún rántí pé èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wojú ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ torí ó ń ronú ohun tó fẹ́ sọ, ìgbà tó bá ń gbọ́ tìẹ lojú ẹ̀ máa ń dúró sára ẹ jù, nítorí náà tó bá jẹ́ òun ló sọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn, ojú tó ń rìn kiri ò jẹ́ ìyanu.

Títẹ̀ síwájú ńkọ́? Ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé orin wà níbẹ̀ o. Tí orin bá ń dún, kò sí bí kò ṣe ní tẹ̀ síwájú tó bá fẹ́ gbọ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n rẹ orin yẹn sílẹ̀, tàbí nígbà tẹ́ ẹ bọ́ síta, ṣé ó ṣì wà nítòsí ẹ, àbí ó fà sẹ́yìn? Ibẹ̀ ni kó o wò.

Ti kọ́ọ̀pù yẹn, àwọn onímọ̀ ti wò ó dáadáa. Lọ́dún 1999, Tanya Chartrand àti John Bargh l'Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn máa bá ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ nípa àwọn fọ́tò kan. Tí onítọ̀hún bá ń fọwọ́ ra ojú, àwọn náà á máa ra ojú, tó bá ń mi ẹsẹ̀, àwọn náà á máa mi ẹsẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Wọ́n wá yí i padà, wọ́n ní kí onítọ̀hún máa ṣe bí àwọn èèyàn náà ṣe ń ṣe, àwọn tí onítọ̀hún fara wé sì fẹ́ràn ẹ̀ ju àwọn tí onítọ̀hún ò fara wé lọ. Àmọ́ wò ó, àjèjì lásán ni wọ́n ń fara wé níbẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan láàárín wọn. Nítorí náà kọ́ọ̀pù yẹn lè sọ fún ẹ pé ọkàn ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ, pé ọ̀rọ̀ yín ń ṣàn, kò tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ata oúnjẹ yẹn gan-an lè mú kẹ́ ẹ jọ máa mu nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà! Má sì lọ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nígbà míì, torí tó bá fura, ara ẹ̀ máa kó ni.

Èyí tó yẹ kí ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ jù ni ti Nẹ́dálándì. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2022 lórí àwọn tí kò mọra wọn rí tí wọ́n lọ sí déètì. Wọ́n fún wọn ní awò tó ń tọ́pa ibi tójú ń wò, wọ́n sì ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù àti bí ọwọ́ wọn ṣe ń làágùn. Ẹ̀rín o, wíwojú ara ẹni o, fífara wéra lórí ìyẹn o, kò sí èyí tó fi hàn pé ẹnì kan gba ti ẹnìkejì. Ohun tó fi hàn ni ìgbà tí lílù ọkàn àwọn méjèèjì àti òógùn ọwọ́ wọn bá jọ ń gòkè tí wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn sì rèé, kò sẹ́ni tó lè fojú rí i láti orí àga.

Torí náà etí ni kó o lò. Tó o bá sọ nǹkan, ṣé ó ń bi ẹ́ ní ìbéèrè tó tẹ̀ lé ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ? Ṣé o rántí èyí tí ìwọ náà bi í? Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé lórí àwọn déètì kúkúrú, àwọn tó ń bi irú ìbéèrè àtẹ̀lé bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn máa ń gbà láti tún rí. Kó o wá fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí i lónìí, má ṣe é gùn: «Mo gbádùn ọjọ́ yẹn gan-an. Ṣé a lè tún ríra lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, níbi tí kò ti sí ariwo?» Tó bá ní òun ò ráyè, wò ó bóyá ó mú ọjọ́ míì wá fúnra ẹ̀. Tí kò bá mú ọjọ́ kankan wá, fi sílẹ̀, má fi bó ṣe ń tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ yẹn bá a jiyàn.