Kókó tó yọ lójú àpá ìdábẹ́: má jẹ́ kí wọ́n tú u

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, wọ́n dábẹ́ fún mi ní ìkókó. Kókó kan ti ń wú lójú àpá ibẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ó ti tó ẹyin ẹyẹlé báyìí. Kì í dùn mí, àmọ́ ìtọ̀ mi máa ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún. Ìyá ọkọ mi ní kí nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ní Ìjọ̀kà tú u kí n tó bímọ. Ṣé kí n gbà?"

Má gbà, àbúrò. Irú rẹ̀ yọ sí mi lára, wọ́n sì tú u fún mi ní ilé ìtọ́jú kékeré kan níbí ní Àkúrẹ́. Ohun funfun tó ki bí ògì ló jáde. Wọ́n fún un tán, wọ́n fi òwú dì í, wọ́n ní ó parí. Kò pẹ́ tó fi kún padà. Nígbà tí wọ́n tún tú u, ó kó àrùn: ó gbóná, ó pọ́n, ó ń ta mí kíkankíkan, ibà sì dé. Ìtọ̀ wá ń dùn mí débi pé mo ń sá fún omi mímu.

Dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí olóòlà gé ibẹ̀, tí ọgbẹ́ sì pa dé, awọ díẹ̀ há sábẹ́ àpá. Awọ yẹn kò kú. Ó ń sọ ìpẹ́, ó ń sun ọ̀rá, bí awọ yòókù ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà gbé e jáde. Ó wá ń kó o jọ sínú àpò kan díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè di ìyá ọmọ kí ó tó hàn. Bí wọ́n bá gún un, ohun inú àpò ló ń jáde, àpò tó ń ṣe é ṣì wà níbẹ̀. Àfi kí wọ́n yọ àpò náà lódindi. Kì í ṣe àrùn ìṣekúṣe o, bó ti wù kí àwọn èèyàn máa wo ni tó.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo kókó abẹ́ ló jẹ́ irú èyí, torí náà jẹ́ kí dókítà fojú rí i. Tìrẹ ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, kò dùn, ó sì wà lókè lójú àpá gan-an: bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Èyí tó bá kéré, tí pátá bá kàn án lásán tí ó sì ta ẹni bí ẹni pé iná mànàmáná gbé e, iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n gé ló ta kókó níbẹ̀, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ojú ara, ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹṣẹ́ ibẹ̀ ló sábà máa ń dí. Tó bá le gbagidi, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó dá egbò, má fi falẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ oyún ló mú kí n sọ pé má gbà pẹ̀lú agbára. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ń ya lọ sí ìsàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gígé kékeré lè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Bí kò bá kó àrùn, tí kò sì dí ọ̀nà, àwọn dókítà sábà máa ń fi í sílẹ̀ títí ìyá yóò fi bímọ, tí ara rẹ̀ yóò sì padà sípò. Bí ó bá ti di eéwo nínú oyún, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń tú u, pẹ̀lú oògùn tí kò ní pa ọmọ lára. Fún ìrora, parasítámọ́ọ̀lù ni kí o lò. Má ra ibuprofẹ́ẹ̀nì lọ́dọ̀ kẹ́místì, pàápàá pẹ̀lú ibi tí oyún rẹ dé yìí.

Ìtọ̀ tó ń ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, kókó ló ń tì í. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa ṣọ́ ni bóyá ó ń kán tótó, bóyá o máa ń tọ̀ tán tí o tún ń rò pé ó ṣẹ́kù, bóyá ó ń ta ọ́. Ìtọ̀ tó bá ń dúró sínú àpò ìtọ̀ máa ń fa àkóràn, àkóràn nínú oyún sì lè gòkè dé kíndìnrín, ó sì lè mú kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ láìtọ́jọ́. Ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ wò. Fọ ibẹ̀, jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dànù, kí o gba ti àárín sínú ike. Bí ibà, òtútù tàbí ìrora ẹ̀gbẹ́ ìhà bá dé, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ, má dúró de ìpàdé àwọn aboyún.

Tí ìbímọ bá dé, àpá kì í fà bí ẹran ara. Ní tèmi, ibi tó ya lápá òkè, nítòsí ojú ìtọ̀, ló dá wọn lágara, kì í ṣe kókó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí kan lórí ìyá tó lé ní 28,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà níbẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2006. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí wọ́n bá ṣe gé e jìnnà tó ni ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ ṣe ń pọ̀ tó. Èyí kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ o. Púpọ̀ nínú wa ló ń bí i fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ń gbèrò ilé agbẹ̀bí ìjọ, yí i padà. Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì ni kí o forúkọ sí, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti dókítà wà. (Àwọn àgbà tó sọ pé bí orí ọmọ bá kan idọ, ọmọ yóò kú, wọn ò sọ fún wa pé àpá gan-an lè ya.)

Lẹ́yìn tí o bá bí, wàá lọ yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, ìsàlẹ̀ kú tipiri, mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n fi rọ́bà sí ojú ìtọ̀ kí ọ̀bẹ má baà kàn án, wọ́n la awọ orí kókó, wọ́n sì rọra yọ àpò rẹ̀ láìfọ́. Wọ́n bá ohun tó ṣẹ́ kù nínú idọ mi lábẹ́ rẹ̀, wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi rán an. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo ń fi fọ ibẹ̀ nílé, wọ́n sì ní kí ọkọ mi ṣe sùúrù títí ó fi jinná pátápátá. Ẹ̀dùn díẹ̀ kù lójú àpá nígbà òtútù, kò pọ̀. Kókó kò padà mọ́.

Ní báyìí, lọ́jọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, sọ fún nọ́ọ̀sì ní gbangba pé wọ́n dábẹ́ fún ọ, kí ó yẹ̀ ọ́ wò, kí ó kọ ọ́ sínú káàdì rẹ, kókó náà pẹ̀lú. Ẹni tí yóò gbẹ̀bí rẹ lè má jẹ́ ẹni tó yẹ̀ ọ́ wò, káàdì ni yóò bá. Ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí ara bá ya, kí wọ́n kàn rán ibi tó ya, kí wọ́n má fi pa ọ̀nà pọ̀. Ìyá ọkọ rẹ lè bá ọ lọ kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà.