Kí ló mú kí ọmọ sẹ́ẹ̀lì mayósíìsì yàtọ̀ síra?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ló ń pín nínú maitósíìsì àti mayósíìsì, kí ló dé tí ọmọ sẹ́ẹ̀lì ti àkọ́kọ́ fi jọra bí ìbejì, tí ti èkejì ò sì jọra?

Ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Kúrómósómù, ìyẹn okùn tó gbé jíìnì tó ń pinnu àbùdá wa, jẹ́ 46 nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, á ṣe ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀dà méjèèjì á sì ṣì so mọ́ra.

Nínú maitósíìsì, ìpín tí ara fi ń dàgbà, kúrómósómù kọ̀ọ̀kan á dá tò sáàárín sẹ́ẹ̀lì láìwo ẹnìkejì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kejì. Ẹ̀dà méjèèjì á yà, sẹ́ẹ̀lì méjì tó jọra á sì jáde, 46 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mayósíìsì, ìpín tó ń bí ẹyin àti àtọ̀, ń pín lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀dà tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi bí sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó ní 23. Ìpín àkọ́kọ́ ni ìyàtọ̀ ti ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká mú kúrómósómù kan: ti bàbá gbé jíìnì A àti B, ti ìyá gbé a àti b, ìyẹn ẹ̀yà mìíràn ti jíìnì kan náà. Lẹ́yìn ẹ̀dà ṣíṣe, a ní AB, AB, ab, ab. Ti bàbá àti ti ìyá á wá fara mọ́ra, ẹ̀dà kan níhìn-ín àti ẹ̀dà kan lọ́hùn-ún á gé lójú kan náà, wọ́n á sì pààrọ̀ ìrù. Bí ojú tó gé bá bọ́ sáàárín jíìnì méjèèjì, ohun tá a máa rí ni AB, Ab, aB, ab: mẹ́rin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, méjì-méjì ni wọ́n á jọra ní ti jíìnì wọ̀nyí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á tò sáàárín ní ìsọ̀rí méjì-méjì, ti bàbá pẹ̀lú ti ìyá. Apá tí ti bàbá máa kọjú sí dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè, ìsọ̀rí kan kì í sì wo ojú èkejì. Ìsọ̀rí 23 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà méjì, nítorí náà méjì tí a fi ìsọdipúpọ̀ kó jọ nígbà 23 jẹ́ 8,388,608 àkójọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í: sẹ́ẹ̀lì kan kì í bí gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń tò, nítorí náà láìsí ìpààrọ̀ ìrù, oríṣi méjì péré ló máa bí. Àárín ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni iye ńlá yẹn ti ń jáde.

Ojú ìpààrọ̀ náà tún ní iṣẹ́ mìíràn: òun ló ń so ìsọ̀rí pọ̀ títí wọ́n á fi fà wọ́n yà. Ìsọ̀rí tí kò bá pààrọ̀ lè bá ara wọn lọ sí apá kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, méjì nínú mẹ́rin á ní 24, méjì á ní 22. Bó bá jẹ́ pé ní ìpín kejì ni ẹ̀dà méjì ti kọ̀ láti yà, méjì á pé, ọ̀kan á ní 24, ọ̀kan á ní 22. Bí kúrómósómù 21 bá lé kan nínú ẹyin, tí àtọ̀ tó ní 23 sì bá a pàdé, ọmọ náà á ní 47. Èyí ni wọ́n ń pè ní Dáùn Síńdíróòmù.